Dúdú ewé tíì kì í ṣe iṣẹ́ iná: bí a ṣe ń ka páálí àti àwòrán ewé

Bí ẹnì kan bá ya àwòrán ìwọ̀nba ewé tíì tó kù nínú agolo, tó fi ránṣẹ́ pé kí wọ́n bá òun mọ irú rẹ̀, ohun mẹ́ta ló sábà máa ń bèèrè. Báwo ni wọ́n ṣe yan án tó? Báwo ni wọ́n ṣe lọ̀ ọ́ tó? Kí ni wọ́n pò mọ́ ọn? Ìbéèrè tó dáa ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àmọ́ ọ̀dọ̀ kọfí ni wọ́n ti wá. Tí a bá gbé wọn wá sọ́dọ̀ tíì bẹ́ẹ̀ láì tún wọn ṣe, ohun tí a kò fẹ́ la máa lọ rà.

Ẹ jẹ́ ká fi kọfí bẹ̀rẹ̀, torí tiẹ̀ kò le. Hóró kọfí tútù máa ń rí bí ewé tó ti ń ṣá lójú, kò dúdú rárá. Iná ló sọ ọ́ di àwọ̀ ilẹ̀, iná náà ló sì sọ ọ́ di dúdú. Nígbà tí ooru hóró náà bá dé nǹkan bíi 196°C, á bẹ̀rẹ̀ sí í ta pápápá. Bí wọ́n bá dà á kúrò lórí iná láìpẹ́ sí àkókò yẹn, òun ni páálí ń pè ní láìtì. Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ títí ó fi dé nǹkan bíi 224°C, á tún ta lẹ́ẹ̀kejì, òróró inú rẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ síta. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní dáàkì, mídíọ̀mù sì wà láàárín méjèèjì. Ìyẹn ni pé nínú kọfí, bí àwọ̀ bá ṣe dúdú tó ni iná ṣe pa á tó, àwòrán tí wọ́n yà nínú ìmọ́lẹ̀ tó dáa sì lè sọ púpọ̀ nínú rẹ̀ fún yín.

Nǹkan méjì péré ló máa ń tan ènìyàn jẹ níbẹ̀. Àkọ́kọ́ ni òróró tó ń dán lára hóró: ó lè jẹ́ pé wọ́n yan án dúdú ni, ó sì lè jẹ́ hóró mídíọ̀mù tó ti pẹ́ nínú àpò. Ìkejì ni àkọlé. "Arábíkà 100%" ń sọ irú igi tí hóró ti wá ni, kò sọ ohunkóhun nípa iná. Nọ́ńbà agbára tí wọ́n ń tẹ̀ sára páálí, 1 sí 5 tàbí ju bẹ́ẹ̀ lọ, ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń ṣe tirẹ̀. 4 ti ilé iṣẹ́ kan lè jẹ́ 3 lọ́wọ́ ẹlòmíì, nítorí náà ẹ má fi wọ́n wé ara wọn.

Ó wá kan tíì. Gíríìnì tíì, bíláàkì tíì, wúlọ́ọ̀ngì, igi kan náà ni gbogbo wọn ti wá. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni ohun tí wọ́n ṣe sí ewé náà lẹ́yìn tí wọ́n já a. Fún bíláàkì tíì, wọ́n á tẹ́ ewé náà sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí kó lè rọ, wọ́n á wá yí i tàbí kí wọ́n fọ́ ọ kí oje inú rẹ̀ lè jáde pàdé afẹ́fẹ́. Bí ápù tí a gé sílẹ̀ ṣe máa ń pọ́n lójú gígé rẹ̀, bẹ́ẹ̀ gan-an ni ewé náà á ṣe pọ́n, á dà bíi bàbà, kó tó wá dúdú. Ìgbà tí àwọ̀ rẹ̀ bá ti tó bí wọ́n ṣe fẹ́ ni wọ́n tó fẹ́ ooru sí i, kí omi inú rẹ̀ lè gbẹ kó ku nǹkan bíi 3%. Ooru yẹn ń dá iṣẹ́ afẹ́fẹ́ dúró, ó sì ń gbẹ ewé. Kì í ṣe pé wọ́n ń yan án. Ti gíríìnì tíì yàtọ̀ pátápátá: bí wọ́n bá ti já ewé rẹ̀ tán, láìpẹ́ ni wọ́n á ti fi oru omi tàbí agbada gbígbóná pa agbára tó ń mú un pọ́n, ìdí nìyẹn tó fi dúró lórí àwọ̀ ewé.

Afẹ́fẹ́ ló sọ bíláàkì tíì di dúdú, kì í ṣe iná. Ẹni tó bá wo ewé dúdú kirikiri tó ní "dáàkì róòsìtì nìyí" ti ka àmì kọfí sára ohun tí kì í ṣe kọfí. Ìbéèrè tó yẹ ká bi ewé náà ni pé: báwo ni afẹ́fẹ́ ṣe ṣiṣẹ́ lára rẹ̀ tó? Orúkọ irú tíì tó wà lára páálí ló máa ń dáhùn ìyẹn. Bí ó bá kọ gíríìnì, afẹ́fẹ́ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe é. Bí ó bá kọ wúlọ́ọ̀ngì, ó ṣe é dé ìwọ̀n kan, wọ́n sì dá a dúró. Bí ó bá kọ bíláàkì, wọ́n jẹ́ kó ṣe é dé òpin tàbí kó kù díẹ̀.

Tíì tí wọ́n yan ní tòótọ́ wà o. Hójíṣà ti ilẹ̀ Jàpáànù jẹ́ gíríìnì tíì tí wọ́n wá fi iná yan lẹ́yìn náà, ewé àti igi rẹ̀ á wá jẹ́ àwọ̀ ilẹ̀. Ọ̀pọ̀ wúlọ́ọ̀ngì tó ń wá láti àwọn òkè Wúyì ní Ṣáínà ni wọ́n máa ń fi èédú gbóná yan díẹ̀díẹ̀. Àwọn tó ń tà wọ́n kì í fi yíyan náà pa mọ́, torí òun gan-an ni wọ́n fi ń polówó ọjà. Tí páálí kò bá mẹ́nu kan yíyan rárá, tó sì kọ bíláàkì tíì, ẹ má wá iná níbẹ̀.

Ṣé àwòrán lè fi bíláàkì tíì àti hójíṣà hàn yàtọ̀? Nígbà míì, ó lè ṣe é. Hójíṣà máa ń jẹ́ àwọ̀ ilẹ̀ tí kò dúdú púpọ̀, kì í dán, igi inú rẹ̀ sì máa ń pọ̀ lójú. Àmọ́ ewé gbígbẹ kì í ṣe ẹlẹ́rìí tó dáa jù. Ẹlẹ́rìí tó dáa jù ni ewé tó ti mu omi gbígbóná tán. Ẹ da omi sí i, ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ sẹ́ omi rẹ̀ kúrò, ẹ wá tẹ́ ewé náà sórí àwo funfun. Ewé gíríìnì tíì á padà rí bí ewé tí a sè. Ewé bíláàkì tíì á jẹ́ àwọ̀ bàbà tàbí àwọ̀ ilẹ̀, kò ní ní àwọ̀ ewé kankan lára. Wúlọ́ọ̀ngì tí wọn kò yan púpọ̀ á là, ẹ ó sì rí i pé àárín rẹ̀ ṣì jẹ́ àwọ̀ ewé nígbà tí etí rẹ̀ ti pọ́n, torí etí ni wọ́n ti pa á lára nígbà tí wọ́n ń gbọ̀n ọ́n. Wúlọ́ọ̀ngì tí iná pa dáadáa á ṣorí kunkun: á dúdú, á ká mọ́ra, kò ní là tán. Níbi yìí ni iná ti ń fi ara rẹ̀ hàn nínú tíì, lára ewé tútù, kì í ṣe lára ewé gbígbẹ.

Ó tún ku ọ̀kan tó ń da àwọn tó ti mọ̀ ọ́n pàápàá láàmú. Tíì Dajílíńgì, agbègbè kan ní Íńdíà, tí wọ́n já ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, bíláàkì tíì ni páálí rẹ̀ máa ń kọ, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ṣí i, ẹ ó rí àwọ̀ ewé, àwọ̀ ilẹ̀ àti fàdákà pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹlòmíì á ní wọ́n ti rẹ́ òun jẹ, pé gíríìnì tíì ni wọ́n dì fún òun. Kò sí ẹni tó rẹ́ ẹ jẹ. Wọ́n mú kí ewé yẹn rọ gan-an, kó gbẹ gan-an, kí wọ́n tó yí i, afẹ́fẹ́ kò sì rí gbogbo rẹ̀ mú. Bí páálí àti àwòrán bá ta ko ara wọn báyìí, páálí ni kí ẹ gbà gbọ́.

Ìbéèrè kejì ni ti lílọ̀. Kọfí ni wọ́n ń lọ̀. Nínú tíì, mátṣà ni mo lè pè ní tíì tí wọ́n lọ̀ ní tòótọ́, torí ọlọ òkúta ni wọ́n fi ń sọ ọ́ di ìyẹ̀fun. Bíláàkì tíì tó kù, fífọ́ ni wọ́n fọ́ ọ, wọ́n sì fi asẹ́ oríṣiríṣi ihò yà á sọ́tọ̀. Lẹ́tà tó ń dà wá láàmú lára páálí, orúkọ ohun tó kù lórí asẹ́ kọ̀ọ̀kan ni. OP ni ewé odindi tí wọ́n yí, ó lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. BOP ni èyí tó ti já wẹ́wẹ́, bíi mílímítà méjì sí mẹ́ta. BOPF tún kéré sí i. Lẹ́tà D sì ni eruku tó kù nísàlẹ̀ pátápátá. "Ọ́rẹ́ńjì" tí O dúró fún kò ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú ọsàn, kò sí ọsàn nínú rẹ̀. Bí ẹ bá rí T tàbí G níwájú, bíi TGFOP tí wọ́n ń lò dáadáa ní Íńdíà, ó ń sọ pé ọ̀mùnú ewé tó ní irun wúrà wà nínú rẹ̀. Ìyẹn hàn nínú àwòrán: ẹ ó rí àwọn fọ́nrán aláwọ̀ wúrà láàárín ewé dúdú.

Ẹ̀rọ kan wà tó da gbogbo ètò yìí rú. Ní 1930, ní Ásáámù ní Íńdíà, Wílíámù Makékà ṣe ẹ̀rọ tí àwọn àgbá rẹ̀ eléyín ń yí sí ara wọn, tó ń tẹ ewé, tó ń ya á, tó sì ń ká a di kóró róbótó lẹ́ẹ̀kan náà. CTC ni wọ́n ń kọ sára páálí rẹ̀. Púpọ̀ jù nínú tíì Kẹ́ńyà ni wọ́n ń fi ṣe, lẹ́tà tirẹ̀ sì yàtọ̀: BP1 ni kóró tó tóbi, PF1 kéré sí i, PD àti D1 sì ni èyí tó kúnná jù. Inú báàgì tíì ni PF1 sábà máa ń gbà lọ. Kò sí bí ẹ ó ṣe ṣì í mọ̀ nínú àwòrán: ewé tí wọ́n yí máa ń gùn, ó máa ń rí jágbajàgba, CTC sì máa ń rí róbótó, ó bára mu bí ẹni pé wọ́n wọ̀n ọ́n.

Lẹ́tà yìí ń sọ bó ṣe tóbi tó, kò sọ bó ṣe dára tó. BOP láti oko tó dára lè na OP láti oko tí kò dára mọ́lẹ̀ nínú ife. Ohun tí ìwọ̀n rẹ̀ máa yí padà ni àkókò. Bí ewé bá ṣe kéré tó ni omi ṣe ń tètè fa agbára rẹ̀ jáde tó: D1 lè ti mú omi dúdú láàárín ìṣẹ́jú kan, OP lè máa wá ìṣẹ́jú mẹ́rin tàbí márùn-ún. Ìdí rèé tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń rò pé tíì kan "yan dáadáa" ju èkejì lọ, nígbà tó jẹ́ pé ó kàn kúnná jù ú lọ ni.

Ìbéèrè kẹta ló le jù, mo sì fẹ́ sọ ọ́ bó ṣe rí. Àwòrán lè sọ fún yín pé àdàlù ni tíì kan. Kò lè sọ fún yín láé pé kì í ṣe àdàlù. Bí ẹ bá rí ewé gígùn àti kóró róbótó nínú ṣíbí kan náà, oríṣi méjì ti pàdé níbẹ̀, kò sí àríyànjiyàn. Ṣùgbọ́n bí gbogbo rẹ̀ bá jọra, kò túmọ̀ sí pé oko kan ló ti wá. Àwọn tó ń pò tíì máa ń mọ̀ọ́mọ̀ yan ewé tí ìwọ̀n wọn bára mu, torí bí kò bá bára mu, èyí tó kéré á rọ̀ sísàlẹ̀ páálí, ife àkọ́kọ́ àti ife ìkẹyìn kò sì ní dọ́gba lẹ́nu. Àdàlù tí wọ́n ṣe dáadáa, tó lè ní ewé láti ogún oko tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, á rí bí ẹni pé ọwọ́ kan ló já a.

Páálí nìkan ló lè jẹ́rìí ibẹ̀, kì í sì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Orúkọ ilẹ̀ tí wọ́n ti dì í kì í ṣe orúkọ ilẹ̀ tí wọ́n ti gbìn ín. "Ínglíìṣì Bírẹ́kífáàsì" jẹ́ orúkọ irú àdàlù kan tí kò ní ìlànà kan pàtó: ẹnì kan á fi Ásáámù àti Kẹ́ńyà ṣe é, ẹlòmíì á fi Siri Láńkà kún un. Ilé iṣẹ́ kan náà pàápàá lè pààrọ̀ oko láti àkókò kan sí òmíràn, kí adùn rẹ̀ má bàa yí padà. Àmì tó ṣe é gbára lé ni àmì kìnnìún tí àjọ tíì ti Siri Láńkà ń fún àwọn tó bá di tíì tó jẹ́ ti ilẹ̀ náà nìkan, tí wọ́n sì dì í ní ilẹ̀ náà. Àmì Dajílíńgì náà wà, obìnrin tó mú ewé tíì lọ́wọ́ ló wà lára rẹ̀, àjọ tíì ti Íńdíà ló ni ín. Bí irú àmì báyìí kò bá sí, tí páálí kò sì dárúkọ oko tàbí agbègbè kan ṣoṣo, ẹ gbà pé àdàlù ni.

Ní ti òórùn, àwòrán fọ́jú síbẹ̀. Òróró èèpo bẹ́gámọ́ọ̀tì, irú ọsàn kan, ló ń sọ bíláàkì tíì di Ẹ́ẹ̀lì Gíréè, kò sì hàn lára ewé. Òdòdó búlúù tí wọ́n máa ń dà sí inú rẹ̀ nígbà míì wà fún ẹ̀ṣọ́ ni. Ibi tí wọ́n to àwọn èròjà sí lẹ́yìn páálí ni kí ẹ wò.

Ẹ jẹ́ ká wá yẹ ẹyọ kan wò tinú-tẹ̀yìn. Obìnrin kan fi àwòrán méjì ránṣẹ́ sí mi. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, irú èyí gan-an ni mo fẹ́ tún rà. Dáàkì róòsìtì ni, àbí?" Àwòrán kan jẹ́ ti agolo tí ìwé ara rẹ̀ ti ya. Ohun tó kù lára rẹ̀ ni bíláàkì tíì, ọ̀rọ̀ bírẹ́kífáàsì, lẹ́tà BOP, àti orúkọ ilẹ̀ tí wọ́n ti dì í. Èkejì jẹ́ ti ewé inú àtẹ́lẹwọ́, tó yà lálẹ́ lábẹ́ iná gílóòbù. Ewé náà pọ́n nínú àwòrán yẹn bí ẹni pé wọ́n fi epo ra á. Gílóòbù ló ń pọ́n, ewé kò pọ́n. Mo ní kó tún un yà lọ́sàn-án lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, níbi tí oòrùn kò ti kàn án gbọ̀n-ọ́n, kó da ewé sórí bébà funfun, kó fi rúlà tàbí owó ẹyọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bébà funfun yẹn ni ẹ máa fi mọ̀ bóyá àwòrán ń purọ́: bí bébà bá yọ pupa rúsúrúsú tàbí búlúù, àwọ̀ ewé náà kò ṣe é gbà gbọ́.

Mo tún sọ fún un pé kó má bu ewé lókè agolo. Èyí tó kéré ti rọ̀ sísàlẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti ń gbé e kiri, èyí tó bá wà lókè á mú ká rò pé ewé ńlá ló pọ̀ jù. Kó kọ́kọ́ da agolo dojú bolẹ̀ lẹ́ẹ̀mélòó kan, kó wá fi ṣíbí bù láti àárín.

Àwòrán tuntun dé. Dúdú ni ewé náà, ó fẹ́ẹ́ ní àwọ̀ ilẹ̀. Púpọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ ewé tí wọ́n yí tó já wẹ́wẹ́, mílímítà méjì sí mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ rúlà, BOP tí agolo sọ nìyẹn. Fọ́nrán wúrà díẹ̀ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n láàárín wọn, kóró róbótó bíi mílímítà kan wà káàkiri, tí kò jọ ewé yíyí rárá: CTC. Àdàlù ti jẹ́wọ́ ara rẹ̀. Ó tún rẹ ṣíbí kan, ó sì ya ewé tútù náà. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ bàbà, àwọn kóró náà ti là di ègé pẹlẹbẹ, kò sí ibì kan tó jẹ́ àwọ̀ ewé, kò sì sí ewé kankan tó ká mọ́ra tó kọ̀ láti là. Afẹ́fẹ́ ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tán lórí rẹ̀, wọn kò sì yan án. Mo bi í bóyá ó ní òórùn èèpo ọsàn tàbí ti èéfín. Ó ní rárá.

Ohun tí mo kọ fún un láti mú lọ bá ẹni tó ń ta tíì ni pé: bíláàkì tíì alápòpọ̀ ti irú bírẹ́kífáàsì, BOP tí wọ́n fi CTC díẹ̀ kún, tí kò ní òórùn àfikún. Mo ní kó má mẹ́nu kan róòsìtì rárá, torí hójíṣà tàbí wúlọ́ọ̀ngì àyan ni wọ́n máa gbé fún ẹni tó bá béèrè tíì àyan, omi wọn kò sì ní le tó èyí tó ń wá. Orúkọ oko tí ewé náà ti wá kò jáde, kò sì lè jáde láti inú àwòrán. Ìdá mélòó ni CTC náà, n kò lè sọ ọ́. Bí ó bá rí méjì tàbí mẹ́ta tó bá àpèjúwe yẹn mu, kó ra èyí tó kéré jù nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó fi ìwọ̀n ewé kan náà, omi kan náà àti ìṣẹ́jú mẹ́ta rẹ gbogbo wọn pẹ̀lú ìyókù inú agolo àtijọ́, kó sì tọ́ wọn wò lẹ́sẹ̀ kan náà. Kó tètè ṣe é o, torí ewé inú agolo tí wọ́n ti ṣí máa ń pàdánù adùn rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tuntun á sì máa le lẹ́nu ju àtijọ́ lọ bó bá tilẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà ni wọ́n.